Ọ̀gá ní àkọlé síláìdì mi kò sọ nǹkan kan. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?

Táyélolú_Wúsè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àbújá. Èmi ni mo ń to ìròyìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta níbi iṣẹ́ wa. A ní ẹ̀ka márùn-ún: Wúsè, Gwarinpa, Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì. Síláìdì kan wà lórí epo dísẹ́ẹ̀lì tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jó, àkọlé rẹ̀ sì ni "Epo dísẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀ka márààrún, oṣù kìíní sí ìkẹta". Ọ̀gá mi fi bírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Kí ni kí n wá fi èyí ṣe?" Nọ́ńbà tó wà lórí gíráàfù náà rèé: Wúsè 3,100 lítà, Gwarinpa 2,400, Kàdúná 2,900, Kánò 7,200, Jọ́ọ̀sì 2,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 18,000. Irú àkọlé wo ni kí n kọ tí á fi sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí? Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé.

Jẹ́ńtù_Gárkì
Kò le rárá. Ohun tí o kọ yẹn, orúkọ lásán ni, kò ní ọ̀rọ̀ ìṣe. Fi ọ̀rọ̀ ìṣe sí i kó di odidi gbólóhùn: "Epo dísẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹ̀ka márààrún ń lò yàtọ̀ síra." Ó parí nìyẹn.

Màmá_Kúbwà
Jẹ́ńtù, ẹ ti dé ìdajì ọ̀nà, ẹ wá jókòó síbẹ̀. Gbólóhùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀ síra? Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkọlé kan ní ohun tó ń sọ, mo máa ń yí i sódì, kí n wò ó bóyá ẹnì kan nínú ìpàdé lè gba òdì yẹn gbọ́. "Epo tí ẹ̀ka márààrún ń lò kò yàtọ̀ síra": kò sẹ́ni tó máa rò bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé èyí tí ẹ kọ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Táyélolú, bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó máa jókòó sí ìpàdé. Kí ni wọ́n fẹ́ pinnu? Nínú nọ́ńbà tí o gbé síbí, ohun tó kọ́kọ́ fò síni lójú ni Kánò. Pín 7,200 sí 18,000, wàá rí i pé "Kánò nìkan ló jó ìdá 40 nínú 100 epo ilé iṣẹ́ wa". Èyí sàn, torí ẹnì kan lè jiyàn rẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ kí o dúró síbẹ̀. Bí ọ̀gá bá ti kà á, ohun tó kàn lẹ́nu rẹ̀ ni "Kí ló fà á?" Bóyá iná kì í dé sí Kánò rárá ni, tí jẹnẹrétọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí tó pọ̀. Bóyá wákàtí wọn ò sì pọ̀, ẹ̀rọ náà ló ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpinnu méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá: ti àkọ́kọ́, wọn á máa wo sólà, ti èkejì, wọn á ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Ǹjẹ́ o ní àkọsílẹ̀ wákàtí tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́?

Táyélolú_Wúsè
Ẹ ṣeun mà. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn sìkíọ́rítì: Wúsè 620, Gwarinpa 480, Kàdúná 580, Kánò 800, Jọ́ọ̀sì 480. 30 kVA ni gbogbo jẹnẹrétọ̀ náà. Mi ò fi wákàtí sórí síláìdì torí pé ibẹ̀ ti kún.

Màmá_Kúbwà
Ohun tí o yọ kúrò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Fi wákàtí pín lítà. Wúsè, 3,100 sí 620, ó jẹ́ 5. Gwarinpa 5, Kàdúná 5, Jọ́ọ̀sì 5. Kánò, 7,200 sí 800, ó jẹ́ 9. Lóòótọ́ wákàtí Kánò pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lítà 5 ní wákàtí kan lòun náà ń jó, 4,000 lítà ni ì bá jó. Epo tó lé jẹ́ 3,200 lítà, wákàtí ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀. Àkọlé rẹ wá di:

"Jẹnẹrétọ̀ Kánò ń jó lítà 9 ní wákàtí kan, ti ẹ̀ka mẹ́rin tó kù ń jó 5"

Wàyí o, padà wo gíráàfù rẹ. Òpó márùn-ún tó ń fi àpapọ̀ lítà hàn ni o ní. Ẹni tó bá ka àkọlé yìí á máa wá 9 àti 5 lórí rẹ̀, 7,200 ló máa bá pàdé. Gíráàfù yẹn ò lè gbè é lẹ́sẹ̀ mọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já: wọ́n á tún àkọlé kọ, wọ́n á fi àwòrán àtijọ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ya òmíràn. Kí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà ní wákàtí kan, kí Kánò wà lókè pátápátá, kí àwọn mẹ́rin tó kù ní àwọ̀ eérú, kí Kánò nìkan ní àwọ̀ tó tàn. Kọ nọ́ńbà sí orí òpó fúnra rẹ̀, kí o wá pa àwọn ìlà ẹ̀yìn àti àpótí àlàyé àwọ̀ rẹ́. Àpapọ̀ lítà àti wákàtí lè wọ tábìlì kékeré kan lẹ́yìn ìwé fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

3,200 lítà yẹn, ìlà kan lábẹ́ gíráàfù tó o. Má fún un mọ́ inú àkọlé. Bí o bá ti rí i pé o ń fi "àti" so ọ̀rọ̀ méjì tó dá dúró pọ̀ nínú àkọlé kan, síláìdì méjì lo ní.

Mẹkáníìkì_Súlẹ́jà
Ẹ jọ̀ọ́, kò sí àkọlé kankan tó máa tún jẹ́n yẹn ṣe o. 30 kVA kì í jó lítà 9. Kódà bí ẹ bá gbé gbogbo ẹrù tó lè gbé lé e lórí, nǹkan bíi 7 sí 8 ni yóò jó, ó kù sí bí ẹ̀rọ náà ṣe jẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Páìpù tó ń dá epo padà sínú táńkì lè máa jò. Mítà wákàtí lè ti dúró, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ kí ó má sì máa kà á. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, epo lè máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ nínú jálá. Ẹ rọ epo kún táńkì dé ẹnu, ẹ fi aago fóònù ka wákàtí 2, ẹ pa á, ẹ wá fi jálá tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ kún un padà dé ibi tó wà. Ohun tó bá wọlé, ẹ fi 2 pín in.

Jẹ́ńtù_Gárkì
Ó ti yé mi! Táyélolú, kọ ọ́ báyìí: "Wọ́n ń jí epo dísẹ́ẹ̀lì ní Kánò." Tani ó máa sùn nínú ìpàdé yẹn?

Màmá_Kúbwà
Háà, Jẹ́ńtù. Gíráàfù rí olè ni? Mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun mẹ́ta fún wa, ọ̀kan péré nínú wọn ni olè jíjà. Ibi tí ẹ̀rí bá dé ni kí àkọlé dé. Bí ẹnì kan bá gbọ́wọ́ sókè pé mítà wákàtí ló bàjẹ́, àkọlé yín wó lulẹ̀ nìyẹn, wọn ò sì ní gba síláìdì mẹ́wàá tó kù gbọ́ mọ́.

Mẹkáníìkì, ẹ ní kò sí àkọlé tó máa tún jẹ́n ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ tún àkọlé náà ṣe. Èmi kọ "ń jó lítà 9" bí ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà:

"Ìwé àkọsílẹ̀ Kánò fi lítà 9 hàn ní wákàtí kan, èyí tó ju ohun tí 30 kVA lè jó lọ"

Èyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí kò tún fi Kánò wé àwọn ẹ̀ka tó kù nìkan, ó fi í wé agbára ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ẹrù Kánò ló wúwo ju ti Jọ́ọ̀sì lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹ̀rí kan sí i: wá ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá, wo iye epo tó ń jó nígbà tó bá gbé ẹrù dé góńgó, kí o fa ìlà kan gba orí gíráàfù níbẹ̀. Bí o kò bá rí ìwé náà kó tó di Ọjọ́bọ̀, padà sí àkọlé tó fi 9 wé 5, kí o sì fi "ìwé àkọsílẹ̀" sínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì_Súlẹ́jà
Ẹ wò ó lẹ́yìn jẹ́n náà, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ wà lára páálí irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Ẹ fi ìyẹn wá ìwé rẹ̀. Ẹ má lo ti ẹ̀rọ mìíràn.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kánò
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé mánéjà Kánò náà máa wà níbẹ̀? Ẹ fẹ́ gbé orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ sókè pẹ̀lú lẹ́tà ńlá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ wá fi àwọ̀ pupa kùn ún. Níbi tí mo wà níhìn-ín, ìjà nìyẹn. Fi àkọlé sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o fi ẹnu sọ ìyókù. Ohun téèyàn fẹnu sọ ṣe é dẹ̀ lọ́rùn, ti inú ìwé kò ṣe é dẹ̀.

Màmá_Kúbwà
Mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ìwé yẹn máa rìn dé ọwọ́ ẹni tí kò sí nínú ìpàdé, kò sì ní gbọ́ ohun tí Táyélolú fẹnu sọ. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí àkọlé sọ ti ẹ̀rọ àti ìwé, kí ó má kan èèyàn. "Mánéjà Kánò ń fi epo ṣòfò" yàtọ̀ sí "ìwé àkọsílẹ̀ Kánò fi lítà 9 hàn". Kí ó sì fi síláìdì náà ránṣẹ́ sí mánéjà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló máa sọ pé mítà ti kú láti oṣù kejì.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kánò
Tó bá fi ránṣẹ́ ṣáájú, mo gbà. Àmọ́ mi ò gba ti àkọlé yẹn síbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ka ni orúkọ mánéjà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́_Sààríà
Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ń múra láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì, alábòójútó mi sì ní dandan ni kí síláìdì máa jẹ́ "Ìlànà Ìwádìí", "Àbájáde", "Ìjíròrò". Ó ní gbólóhùn gígùn nínú àkọlé kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé. Ṣé kí n bá a jiyàn?

Oníṣẹ́_Lúgbẹ́
Má bá a jiyàn, fún un ní ohun tó fẹ́. Kọ "Àbájáde" sí òkè lọ́wọ́ òsì ní lẹ́tà kékeré, bíi 14, kí o wá fi gbólóhùn rẹ sí àyè àkọlé gan-an lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ̀ ọ́ wò á mọ apá tí o dé, wọn á sì tún mọ ohun tí o rí. Kì í sì í ṣe pé ọ̀mọ̀wé kì í ṣe é: Michael Alley ní yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì àti ẹ́ńjìnníà ní irú síláìdì yìí, gbólóhùn kan lókè, àwòrán tó jẹ́rìí sí i nísàlẹ̀, láìsí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀ onítóótòó.

Ti "Ìlànà Ìwádìí" náà lè sọ̀rọ̀. Dípò kí o dárúkọ rẹ̀, sọ ohun tí o yàn àti ìdí rẹ̀: "A mú omi kànga ní àárọ̀ nìkan kí oòrùn má baà yí ìwọ̀n rẹ̀ padà", bí ó bá jẹ́ omi kànga ni iṣẹ́ rẹ. Àwọn síláìdì tí mo máa ń fi orúkọ lásán sílẹ̀ fún kò pọ̀: èyí tó ṣáájú, ètò ọ̀rọ̀, èyí tó pín apá kan sí èkejì, àti tábìlì ẹ̀yìn ìwé.

Táyélolú, mo rí i pé wọn ò tíì bá ọ sọ ti PowerPoint fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbólóhùn rere ti ń bàjẹ́. Lẹ́tà àkọlé tó wà níbẹ̀ látilẹ̀wá jẹ́ 44, orúkọ kúkúrú ni wọ́n ṣe é fún. Gbólóhùn rẹ á di ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí PowerPoint máa sọ ọ́ di kékeré fúnra rẹ̀, tí síláìdì kan á ní 36, òmíràn 30. Lọ sí Slide Master lẹ́ẹ̀kan, sọ lẹ́tà àkọlé di 28, tò ó sí ọwọ́ òsì, kí o wá lọ sí Format Shape, Text Options, Text Box, kí o yan Do not Autofit. Ní 28 lórí síláìdì fífẹ̀, ìlà kan á gba nǹkan bí 60 lẹ́tà. Ìlà méjì ni ààlà. Bí ó bá wọ ìlà kẹta, má dín lẹ́tà kù, gé ọ̀rọ̀ kúrò. "A rí i láti inú àyẹ̀wò wa pé" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń lọ.

Kọ ọ́ sínú àyè àkọlé gan-an, má fa àpótí ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Bí o bá parí, tẹ View, kí o yan Outline View, tẹ bọ́tìnì ọ̀tún ní ẹ̀gbẹ́ òsì, Collapse, Collapse All. Àkọlé nìkan ló máa kù. Kà wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà. Èyí tí o bá kọ sínú àpótí ọ̀rọ̀ kò ní hàn níbẹ̀, wàá rí nọ́ńbà síláìdì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Táyélolú_Wúsè
Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣe é. Ohun tí Outline View gbé wá fún apá epo rèé:

1. Epo oṣù mẹ́ta yìí jẹ́ 18,000 lítà. Kánò nìkan jó ìdá 40 nínú 100 rẹ̀
2. Ìwé àkọsílẹ̀ Kánò fi lítà 9 hàn ní wákàtí kan. Ti ẹ̀ka mẹ́rin tó kù fi 5 hàn
3. Ohun tó lè fà á
4. Àbá

Mi ò tíì rí ìwé ẹ̀rọ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi padà sí 9 àti 5.

Màmá_Kúbwà
Ẹnu ọ̀nà ni o já ọwọ́ ọ̀gá rẹ sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ti àkọ́kọ́ àti èkejì ń retí ìdáhùn, ó wá bá orúkọ méjì pàdé. Nínú ohun mẹ́ta tí Mẹkáníìkì kà, èwo la lè kọ́kọ́ yẹ̀ wò láìná owó? Mítà wákàtí ni. Ìṣirò kan tiẹ̀ wà tí o lè gbé síbẹ̀: bó bá jẹ́ mítà ló kú, tí ẹ̀rọ náà ń jó lítà 5, a jẹ́ pé wákàtí 1,440 ló fi ṣiṣẹ́. Pín in sí 90 ọjọ́, ó jẹ́ wákàtí 16 lójoojúmọ́. Bí ọ́fíìsì Kánò bá ń ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mítà nìkan ò lè jẹ́bi. Bí nǹkan kan bá wà tí wọ́n ń tan iná fún mọ́jú, ó ṣeé ṣe. Èyí ni síláìdì kẹta rẹ:

"Mítà wákàtí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò nínú ohun mẹ́ta tó lè fà á"

Ẹ̀kẹrin, sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí: "Kí a dán jẹnẹrétọ̀ Kánò wò fún wákàtí 2 kí a tó ra epo oṣù tó ń bọ̀".

Táyélolú_Wúsè
Ọ́fíìsì Kánò ń ti ìlẹ̀kùn ní aago márùn-ún, àmọ́ mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà sáfà wa kan wà níbẹ̀ tí kì í sùn. Mo máa bi wọ́n lọ́la.

Jẹ́ńtù_Gárkì
Ìbéèrè ńkọ́? Ṣé mo lè fi ìbéèrè ṣe àkọlé? "Kí ló dé tí Kánò ń jó epo tó bẹ́ẹ̀?"

Oníṣẹ́_Lúgbẹ́
Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n máa kà fúnra wọn, torí ó ń fi ìdáhùn pamọ́ fún ẹni tí kò ní àkókò. Bó bá jẹ́ ìwọ lo dúró níwájú wọn, tí síláìdì tó tẹ̀ lé e dáhùn rẹ̀ kíá, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Màmá_Kúbwà
Èmi máa ń jà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀.

Táyélolú, ohun kan tó kù. O ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lò ń ṣe ìròyìn yìí, mo sì mọ̀ pé fáìlì kan náà lo máa ń ṣí. Bí gíráàfù rẹ bá so mọ́ Excel, nọ́ńbà tuntun á wọ inú rẹ̀, àkọlé á sì dúró sórí 9. Ní ìparí oṣù kẹfà, Kánò lè ti padà sí 5, kí gbólóhùn rẹ ṣì máa fẹ̀sùn kàn wọ́n lókè. Kí o tó pa fáìlì náà mọ́ lẹ́yìn ìpàdé, sọ gbogbo àkọlé di "ÀKỌLÉ: KỌ Ọ́ TUNTUN". Ó burú lójú, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, kò ní lè yọ́ wọ ìpàdé.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Kánò
Èyí ni mo gbà láìjiyàn. Sì bi wọ́n ti sáfà yẹn kí o tó fi síláìdì ránṣẹ́ sí mánéjà, má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.